Káàdì Kan, Ìdáhùn Kan: Bí A Ṣe Ń Fi Tárò Dáhùn Ìbéèrè "Bẹ́ẹ̀ Ni" tàbí "Rárá", àti Ibi Tó Ti Ń Jáni Kulẹ̀

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa káàdì kan fún mi. Ṣé kí n kúrò níbi iṣẹ́ yìí?" Mo ní kó fà á fúnra rẹ̀. Ife Mẹ́jọ ló jáde, ọ̀kan nínú àwọn káàdì tárò, káàdì aláwòrán tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọjọ́ iwájú. Ẹni tó bá mọ káàdì náà á rántí àwòrán rẹ̀: ife mẹ́jọ tò sí iwájú, márùn-ún nísàlẹ̀, mẹ́ta lórí wọn, àlàfo kan sì wà láàárín àwọn ti òkè bí ìgbà tí eyín kan ká lẹ́nu. Ẹnì kan tó wọ aṣọ pupa ti kẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń rìn lọ sí ọ̀nà òkè lóru, òṣùpá ń wò ó.

Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ wò ó, ó ń lọ!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mirí. "Lọ síbo? Ṣé o ò rí i pé inú onítọ̀hún bàjẹ́ ni? Káàdì ìbànújẹ́ nìyẹn. Rárá ló sọ." Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Àṣìṣe náà ti wáyé kí káàdì tó jáde: a ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí a máa kà sí "bẹ́ẹ̀ ni" àti ohun tí a máa kà sí "rárá" tí a fi fa káàdì. Nígbà tí ojú ti rí àwòrán, ọkàn oníkálùkù ti mú ohun tó fẹ́. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe kí ọwọ́ tó kan káàdì. Ká sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: èmi kì í fa káàdì bí ẹni tó gbà pé bébà mọ ọ̀la. Mò ń fà á nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí n rí ohun tí mo ti ń fi pa mọ́ fún ara mi. Ẹni tó bá gbà gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí náà. Kò sí èyí tó dí i lọ́wọ́.

Ohun tó wà nínú ìdì káàdì

Ìdì tárò kan ní káàdì 78. Ìwọ̀nyí pín sí ọ̀nà méjì: káàdì ńlá 22, bí Oòrùn, Òṣùpá, Ikú àti Ilé Ìṣọ́, àti káàdì kékeré 56. Àwọn kékeré náà jẹ́ agbo mẹ́rin, Ọ̀pá, Ife, Idà àti Owó, agbo kọ̀ọ̀kan sì ní 14: ọ̀kan dé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà Ìránṣẹ́, Ẹlẹ́ṣin, Ayaba àti Ọba.

Eré ìdárayá ni wọ́n ń fi káàdì wọ̀nyí ta ní àríwá ilẹ̀ Ítálì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi wọ́n wo ọjọ́ iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ìdì àtijọ́, káàdì kékeré kò ní àwòrán ènìyàn lára rárá. Tí ẹ bá fa Ife Mẹ́jọ, ife mẹ́jọ lásán ni ẹ máa rí, bí ẹni wo káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò. Ìdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí, èyí tí Pamela Colman Smith ya, tí Arthur Edward Waite darí iṣẹ́ rẹ̀, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1909, ló fi ìtàn kékeré sí orí gbogbo káàdì. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" nìkan, òun ló fa wàhálà, nítorí pé àwòrán kì í dáhùn, ìtàn ló ń sọ. Ẹni tó ń rìn kúrò nídìí ife mẹ́jọ yẹn kò sọ fún wa pé ó dára kí ó lọ. Ó kàn ń lọ ni.

Kọ ìbéèrè náà sílẹ̀

Ẹ má fi ẹnu béèrè nìkan. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ béèrè rẹ̀ gan-an, nítorí pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn nìkan máa ń yí padà lẹ́yìn tí káàdì bá ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti béèrè "ṣé yóò pè mí?", tí mo wá ń ka ìdáhùn rẹ̀ bí ẹni pé "ṣé ó ṣì ń rò nípa mi?" ni mo béèrè.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ wò ó fún nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni "àbí". "Ṣé kí n gba yàrá òkè àbí ti ìsàlẹ̀?" kì í ṣe ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ìbéèrè méjì ni wọ́n fi okùn kan so. Tí Oòrùn bá jáde, kí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí? Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Èkejì ni "kò", òun ni ó sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù nínú èdè wa. Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Ṣé o kò ní wá mọ́?", tí mo ní "bẹ́ẹ̀ ni", ohun tí mo sọ ni pé n kò ní wá: mo gba ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn kó lọ gbé àga sílẹ̀ dè mí. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn bá lè yí báyìí, mélòó mélòó ti káàdì tí kò lè fọhùn. Ẹ yọ "kò" àti "kì í" kúrò nínú ìbéèrè pátápátá. "Ṣé kò ní dá owó mi padà?" yẹ kó di "Ṣé yóò dá owó mi padà kí oṣù yìí tó parí?"

Ẹ rí i pé mo fi àsìkò sí i, ìyẹn sì ni ẹ̀kẹta. Ìbéèrè tí kò ní òpin kì í ṣeé dán wò. "Ṣé mo máa rí iṣẹ́ tó dára?" lè ṣẹ lẹ́yìn ogún ọdún, nítorí náà káàdì tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ̀bi láéláé. Òpin tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù mẹ́ta. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ohun tí yóò yí láàárín ti pọ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú ìbéèrè yín, èyí tí a máa padà sí: oríṣi méjì ni ìbéèrè. "Ṣé kí n…" wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é. "Ṣé yóò…" wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí lọ́wọ́ àsìkò. Ọ̀nà kan náà kọ́ ni a fi ń ka àwọn méjèèjì.

Yan òfin, kí o sì ka ìdì rẹ

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti dùn àti ibi tó ti korò.

Èyí tó rọrùn jù ni ìdúró àti ìdoríkodò: káàdì tó bá nàró ṣánṣán jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó bá dorí kodò jẹ́ rárá. Kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀, ọmọdé pàápàá lè kà á. Àbùkù rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń po káàdì. Tí ẹ bá ń po káàdì nípa yíyọ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, kò sí káàdì kan tó máa yí orí padà. Èyí tó nàró lánàá ló ń nàró lónìí. Mo ti rí ẹni tó lo ìdì tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo ayé ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún un, inú rẹ̀ sì ń dùn. Kò tíì sí káàdì kan tó dorí kodò nínú ìdì náà ni. Tí ẹ bá máa lo ọ̀nà yìí, ẹ tẹ́ gbogbo káàdì sórí tábìlì, kí ẹ da ojú wọn dé, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rò wọ́n bí ẹni ń ro iyanrìn fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ tó kó wọn jọ.

Ọ̀nà kejì ni ìwé àkọsílẹ̀: ẹ jókòó lọ́jọ́ kan tí ẹ kò ní ìbéèrè kankan, ẹ to gbogbo 78 sí bẹ́ẹ̀ ni, rárá, àti "kò tíì yé". Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo agbo fún èyí. Wọ́n á ní Ọ̀pá àti Ife jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Idà jẹ́ rárá, Owó ní kí a dúró ná. Wọ́n á wá pín àwọn ńlá bó ṣe wù wọ́n. Ó dára, àmọ́ ẹ ka iye rẹ̀. Ká ní nínú àwọn ńlá 22, ẹ fún bẹ́ẹ̀ ni ní 11, rárá ní 7, kò tíì yé ní 4. Àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni 39, rárá 21, kò tíì yé 18. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ìdì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ìlọ́po méjì rárá. Kì í ṣe pé ọ̀run ń ṣojú rere sí yín. Bí ẹ ṣe pín in ni. Èmi pín tèmi sí bẹ́ẹ̀ ni 30, rárá 30, kò tíì yé 18. Ó gbà mí ní odidi ọ̀sán kan, mo sì bá ara mi jà lórí Ikú àti Ọkùnrin Tí A So Rọ̀ kí n tó gbé wọn síbi tí wọ́n wà.

Ọ̀nà kẹta ni mo pè ní ọ̀nà ọ̀rọ̀-ìṣe, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ìbéèrè "ṣé kí n…". Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìbéèrè yín, kí ẹ bi àwòrán náà pé: ṣé ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń ṣe nìyẹn? Tí ìbéèrè bá jẹ́ "ṣé kí n kúrò", Ife Mẹ́jọ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ẹni yẹn ń kúrò. Idà Mẹ́fà náà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí èbúté mìíràn. Ṣùgbọ́n Owó Mẹ́rin, níbi tí ọkùnrin kan ti di owó mọ́ àyà tó tún fi ẹsẹ̀ tẹ méjì mọ́lẹ̀, ń sọ rárá: onítọ̀hún kò kúrò níbìkan. Ẹ yí ìbéèrè náà padà sí "ṣé kí n dúró", ìdáhùn àwọn káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ni ìwé àkọsílẹ̀ kò lè ṣe. Tí ẹ bá ti kọ Ife Mẹ́jọ sí rárá nínú ìwé, rárá ló jẹ́ títí láé, yálà ẹ béèrè kíkúrò ni o, dídúró ni o. Ó lè sọ rárá sí kíkúrò lówùúrọ̀, kó tún sọ rárá sí dídúró lálẹ́, ènìyàn á wá dúró lójú ọ̀nà láìlọ láìbọ̀.

Ọ̀nà ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì kò ní ìṣe tó bá ìbéèrè yín mu. Tí ẹ bá béèrè "ṣé kí n kúrò", tí Ìràwọ̀ jáde, obìnrin kan ń da omi sí adágún àti sí ilẹ̀. Ṣé ó ń kúrò ni? Rárá. Ṣé ó ń dúró ni? Ó kúnlẹ̀. Níbí, ẹ gbà pé kò sí ìdáhùn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n orí wá a, nítorí pé ẹni tó bá wá a fún ìṣẹ́jú méjì á rí èyí tó wù ú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìbéèrè náà kí ẹ tó pò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó: "ìdúró", "ìwé", tàbí "ọ̀rọ̀-ìṣe".

Fà á lẹ́ẹ̀kan

Ẹ pò, ẹ gé e sí méjì, ẹ fa ti òkè. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbí, àfi ọ̀ràn pé kí a má tún un fà.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kò yẹ ká tún un fà, gbogbo ènìyàn ló sì ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ká ní ìdajì ìdì yín, 39 nínú 78, jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fa ẹyọ kan, ìgbà 50 nínú ìgbà 100 ni ẹ máa rí bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá wá sọ pé kò wù yín, tí ẹ fa èkejì, tí ẹ tún fa ẹ̀kẹta "láti fi mú un dájú", ó di nǹkan bí ìgbà 88 nínú 100 tí bẹ́ẹ̀ ni kan ó kéré tán á jáde láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kò béèrè ìbéèrè mọ́ nígbà náà. Ẹ kàn ń dúró de ìgbà tí ìdì á gbà fún yín ni. Èyí ló burú jù nínú káàdì ẹyọ kan, nítorí pé ó yára, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti tún un ṣe. Ẹni tó ń tẹ́ káàdì mẹ́wàá kò ní fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ tẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó á rẹ̀ ẹ́.

Òfin tèmi ni pé ìbéèrè kan náà kò gbọdọ̀ padà wá títí ọjọ́ òpin tí mo kọ sí i fi kọjá, àfi tí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀ lóde, kì í ṣe nínú ọkàn mi. Kí n kàn sùn kí n sì jí pẹ̀lú àìbalẹ̀ ọkàn kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́

Ibi tí káàdì ẹyọ kan ti lágbára jù nìyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fò ó kọjá nítorí pé wọ́n ń sáré lọ wo ìtumọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí káàdì, tí òfin yín ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ẹ wo ara yín kí ẹ tó wo káàdì náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé èjìká yín rọ̀? Ṣé àyà yín já? Ṣé ọwọ́ yín ti ń lọ síbi ìdì láti fa òmíràn? Ẹni tó bá fẹ́ tún un fà ti mọ ohun tó fẹ́. Ìyẹn gan-an ni ìdáhùn tó wá gbà, káàdì náà kàn jẹ́ kó jáde ni.

Káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́wàá kì í fúnni ní èyí. Tí káàdì bá pọ̀, èyí tó dára máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò dára, ọkàn á rí ibi tí yóò fara pa mọ́ sí. Káàdì kan kò ní igun. Òun tàbí òdìkejì rẹ̀ ni.

Ẹ kọ ohun tí ara yín ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kó tó di pé ẹ̀ ń ṣàlàyé rẹ̀. "Ara tù mí." "Inú bí mi." Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ka àwòrán náà, kì í ṣe láti yí ìdáhùn padà, bí kò ṣe láti mọ bí nǹkan náà ṣe máa rí tí ẹ bá tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni tó wá pẹ̀lú Ọ̀pá Mẹ́jọ, ọ̀pá mẹ́jọ tó ń fò lójú ọ̀run, yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni tó wá pẹ̀lú Ẹlẹ́ṣin Owó, tí ẹṣin rẹ̀ dúró gbagidi lójú kan.

Àwọn ìbéèrè tí kò yẹ kó dé ibẹ̀

Tí ìdáhùn bá ti wà níbìkan tí ẹ lè lọ gbà á, ẹ lọ gbà á. Oyún ní àyẹ̀wò, àìsàn ní dókítà, àdéhùn ní agbẹjọ́rò, èsì ìdánwò á jáde lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jáde. Káàdì tó bá sọ "rárá" sí àìsàn lè mú kí ènìyàn jókòó sílé lọ́jọ́ tó yẹ kó ti dé ilé ìwòsàn, mo sì kà á sí ìwà àìdáa kí ẹnikẹ́ni fa káàdì fún ẹlòmíràn lórí irú rẹ̀.

"Ṣé ó ń tàn mí?" náà wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo lè da ilé rú láìsí ẹ̀rí kankan, rárá kan ṣoṣo kò sì ní tu ẹni tó ti ń fura nínú. Ẹ yí i sí ohun tó wà lọ́wọ́ yín: "Ṣé kí n bá a sọ ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí?"

Ìwé tí mò ń kọ èsì sí

Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọ́ sí: déètì, ìbéèrè, òfin, káàdì, ìdáhùn, ohun tí ara mi ṣe, àti àyè òfìfo fún ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orí mi wú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé àwọn tó ṣẹ nìkan ni mo padà wá kọ èsì wọn sí. Àwọn yòókù ṣófo. Ojú tì mí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá káàdì yín ń rí ọ̀la, ẹ kọ èsì sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ ka ìbéèrè "ṣé yóò…" 30 tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá gédégédé. Kí 15 ṣẹ kì í ṣe nǹkan. Owó ẹyọ tí a jù sókè á ṣe bẹ́ẹ̀. Kí 18 pàápàá ṣẹ kò yẹ kó jọ yín lójú, nítorí pé tí ènìyàn mẹ́fà bá ju owó ẹyọ ní ìgbà 30, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọ̀kan nínú wọn rí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi kò jìnnà sí ìdajì rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa "ṣé yóò…" tì, tí mo dúró ti "ṣé kí n…".

Ká padà sí Ife Mẹ́jọ

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé n kò ní ka èyí tó fà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ti jáde!" Mo ní, "Ó jáde lóòótọ́, àmọ́ o ò tíì sọ fún un kí ló máa túmọ̀ sí. Lọ mú bírò."

Ó kọ ọ́: "Ṣé kí n kúrò níbi iṣẹ́ yìí?" Mo ní kó fi àsìkò sí i. Ó ronú, ó ní òun kò mọ̀ bóyá oṣù yìí ni tàbí ọdún tó ń bọ̀. Mo bi í pé, kí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ ṣe gan-an tó bá fẹ́ kúrò? Ó ní lẹ́tà ni. Ìbéèrè náà wá di: "Ṣé kí n fi lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí?" Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ "ọ̀rọ̀-ìṣe". A fẹnu kò pé káàdì tí ẹnì kan bá ti ń fi nǹkan sílẹ̀, tó ń lọ, tàbí tó ń já nǹkan kúrò lára jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ẹnì kan bá dúró, jókòó, tàbí di nǹkan mú jẹ́ rárá. Èyí tí kò bá sí nínú méjèèjì, kò sí ìdáhùn, a ó lọ sùn.

Ó ro káàdì sórí tábìlì, ó pẹ́ níbẹ̀. Owó Méje ló fà. Ọ̀dọ́kùnrin kan fara ti irinṣẹ́ oko rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń wo igi ewéko tí owó mẹ́fà ti so lórí rẹ̀, èkeje wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kórè, kò sì lọ. Ó dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́: "Rárá." Ọmọbìnrin náà kò dáhùn. Ó na ọwọ́ sí ìdì káàdì, ó rí i pé mò ń wò ó, ó fà á padà.

"Kí ló ṣe ọ́ nísinsìnyí?" ni mo bi í.

"Inú bí mi."

"Sí ta ni?"

Ó wo ọ̀dọ́kùnrin tó fara ti irinṣẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní owó àjẹmọ́nú kan ni òun ń dúró dè níbi iṣẹ́ náà, tó yẹ kó wọlé ní oṣù méjì sí i, àti pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni òun ṣe ń dúró. Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ pé ìtìjú wà nínú ìyẹn?

Oṣù náà parí, kò fi lẹ́tà kankan sílẹ̀. Owó náà wọlé, ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ó sì kọ lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò fa káàdì kankan fún ìyẹn. Ojú ìwé ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: déètì, ìbéèrè, "ọ̀rọ̀-ìṣe", Owó Méje, rárá, "inú bí mi". Ní àyè òfìfo tó gbẹ̀yìn, níbi tó yẹ kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ: "Mo gba owó mi."